Ta Ló Ń Fún Epo Náà?

Ìgbà méjì ni Alágbàfọ̀ ti jókòó ìdánwò ìtàn, ìgbà méjèèjì ló sì fìdí rẹmi. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn, ó wá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ìtàn nìkan ló dí i lọ́nà.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń kọ́ wọn ní kíláàsì àgbà tó ń wáyé nírọ̀lẹ́. Tísà yìí kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ fún ìdánwò bí onítọ̀hún kò bá gba máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá lójú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni orúkọ máa lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó dá ìwé Alágbàfọ̀ padà. Mẹ́rin ló gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ìwé méjì gbáko ni mo kọ."

"Bó o kọ mẹ́wàá ńkọ́? Ìbéèrè ò ní kó o sun ẹkún lé àwọn ẹrú lórí. Ìdí méjì tí wọ́n fi fòpin sí òwò ẹrú, máàkì méjì-méjì. Àbájáde méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Sọ kókó, ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀, fi àpẹẹrẹ gbè é. Ìwọ wá kọ ọ́ pé òwò epo pupa tó gbilẹ̀ ní etíkun wa ló fa òfin náà. Òótọ́ ni pé àwọn onílé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wá epo fún ẹ̀rọ àti ọṣẹ wọn, ìdí nìyẹn. Pé òwò epo wá gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn òfin ńkọ́?"

"Àbájáde ni, sà."

"Ṣé o máa ń sá aṣọ kó o tó fọ̀ ọ́ ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ojú ń tì í.

"Èyí ló burú jù," ni tísà wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "'Ní ọdún 1807, gbogbo ẹrú di òmìnira.' Ta ló sọ fún ẹ? Òwò ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún yẹn dá dúró, pé kí wọ́n má ra èèyàn kọjá òkun mọ́. Ẹni tó wà lóko ẹrú ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 1833 ni wọ́n tó ṣòfin ìtúsílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn lókè òkun. Nílẹ̀ tiwa, ta ló ń fún epo tí wọ́n ń tà fún wọn? Lọ rò ó. Ọjọ́ Ẹtì, wàá tún un kọ níwájú mi."

Ó rò ó délé. Ilé bàbá rẹ̀ ga, òpó rẹ̀ nípọn, ọ̀wọ́ yàrá kótópó kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Bàbá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá, ẹ ní owó epo ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Ta ló fún epo náà?"

"Àwọn èèyàn wa ni."

"Èèyàn wa báwo?"

"Bàbá bàbá mi sọ ọ́ fún mi kó tó kú. Àwọn òyìnbó ti ṣíwọ́ ríra èèyàn, epo ni wọ́n ń fẹ́. Epo kì í fún ara rẹ̀. Àwọn tó yẹ kí wọ́n tà sọ́kọ̀ ojú omi, àwọn baba wa rà wọ́n fún oko ara wọn. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ń sùn. Má kọ ìyẹn o, ọmọ mi. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń kí wa ládùúgbò."

Ní ọjọ́ Ẹtì, kò sun ẹkún. Ìdí kìíní: àwọn ẹrú ń ṣọ̀tẹ̀, ìpayà sì bá àwọn tó ni wọ́n, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Haiti. Ìdí kejì: ìpolongo àwọn ẹlẹ́sìn Kristi àti ajàfẹ́tọ̀ọ́. Àbájáde kìíní: òwò epo rọ́pò òwò ẹrú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé èkejì, ó gbé bíròó rẹ̀ dúró. Ó lè kọ ohun mìíràn. Ó mọ̀ ọ́n sórí: ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń lé ọkọ̀ ẹrú lójú òkun. Bíròó náà kò kọ ìyẹn.

Ó kọ ọ́ pé oko ẹrú gbilẹ̀ sí i lábẹ́lé. Nítorí pé epo nílò ọ̀pọ̀ ọwọ́, àwọn ìdílé olówó kan ní etíkun ra ẹrú láti máa fún un àti láti máa rù ú.

Tísà kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Máàkì mẹ́jọ. Kí ló dé tó ò fi àpẹẹrẹ tó dájú gbe èyí tó kẹ́yìn?"

"Mo ní in, sà. Mi ò lè kọ ọ́ ni."

Tísà ṣí ìwé orúkọ, ó sì kọ orúkọ Alágbàfọ̀ sí i.

Nílé, bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ bi í bóyá ó yege.

"Ṣé o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́, Bàbá."

"O dárúkọ wa?"

"Rárá, sà. 'Àwọn ìdílé olówó kan' ni mo kọ."

Bàbá rẹ̀ mi orí. Ó ń wo ẹ̀yìn ilé.

"Àwa náà nìyẹn," ló wí.