Ọwọ́ Tí Mo Fi Bírò Ṣẹ́

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ètò ààbò ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke ní Ìkòròdú, mo rò pé gbogbo iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn tó wọ sálúbàtà wá síbi iṣẹ́ jà. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin ará Ẹ̀pẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni bá fara pa, èmi ni n ó kọ́kọ́ kọ ìròyìn rẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ti gba ẹ̀bùn àròkọ rí nílé ìwé wa l'Óṣogbo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀, mo kẹ́yìn sí àwọn ẹ̀rọ, ni mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan: "Yéè, ìyá mi o." Mo yíjú padà. Bàbá tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kẹta ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ènìyàn gbọ̀ngbọ̀nràn ni, aláwàdà ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù, ó sì ń dán. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan tó ti ṣófo wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wa fi báńdéèjì wé ọwọ́ náà, wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn. Mo ya fọ́tò ilẹ̀ náà kí wọ́n tó nù ún.

Ká sọ òtítọ́, kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ṣubú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Òmíràn ní ayé ló ń ṣe é. Ọmọkùnrin tó wà lórí ẹ̀rọ kejì ní bàbá ń sáré lọ jẹun ni, torí òórùn ìrẹsì ti ń jáde láti ibi ìdáná. Ìyẹn ló wù mí jù. Mo jókòó, mo kọ ọ́:

"Ní àárọ̀ òní, òṣìṣẹ́ kan tí kì í farabalẹ̀ ń sáré lọ jẹun. Ọ̀bùn kan ti mu omi inú ọ̀rá, ó sì da ìyókù sílẹ̀ láìbìkítà. Òṣìṣẹ́ náà tẹ omi yìí, ó fò sókè bí ẹyẹ, ó sì balẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́."

Mo kà á sókè fún akọ̀wé ọ́fíìsì wa. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo bá gbé e tọ ọ̀gá lọ.

Wọ́n kà á dé ìparí, wọ́n tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ó ń sáré. O rí i?"

"Rárá mà. Mo kẹ́yìn sí i. Ọmọ orí ẹ̀rọ kejì ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Òun rí i?"

"Ó ní bàbá fẹ́ràn oúnjẹ."

"Èmi náà fẹ́ràn oúnjẹ. Omi ńkọ́?"

"Mo fojú ara mi rí omi, mà."

"Ṣé omi lo rí, àbí ilẹ̀ tó tutù?"

Mo ronú sí i. "Ilẹ̀ tó tutù tó ń dán, mà."

"O fọwọ́ kàn án?"

"Rárá, mà."

"Ọ̀rá wà níbẹ̀, o rí ìyẹn. Ẹni tó jù ú síbẹ̀, o kò rí i. Nítorí náà, ọ̀bùn wo lò ń bú?" Wọ́n ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Èyí tí o rí, kọ ọ́ pé o rí i. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tó sọ. Èyí tí a kò tíì mọ̀, kọ ọ́ pé a kò tíì mọ̀. Èrò tìẹ, máa gbé e lọ sílé. Ọwọ́ tó sì ṣẹ́ yìí, ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ọ̀gá gbé fìlà líle wọn dé, wọ́n ní ká lọ wo ibẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti nù gbẹ láàárọ̀ ti tún tutù, níbi kan náà gan-an. Kò sí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kankan níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ kẹta, àwọn fúnra wọn wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n fi bébà funfun nu ilẹ̀ náà díẹ̀, wọ́n sì na bébà náà sí mi. Ó yọ̀, ó pọ́n rúsúrúsú, kò sì gbẹ. Òróró ẹ̀rọ ni. Mẹkáníìkì wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ, ó bá róbà kan níbẹ̀ tó ti sán, tó ń kán tó, tó, tó.

Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ ò rí i, mà, òróró ló gbé bàbá ṣubú."

"O tún ti bẹ̀rẹ̀," ni ọ̀gá wí. "Kọ ọ́ pé a bá òróró níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ohun tó wà níbẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ti nù ún kúrò. Ó lè jẹ́ òun. Àwọn tó máa wádìí ló máa sọ ìyẹn."

Ibi tí a wà nìyẹn tí ọlọ́dẹ ẹnu géètì fi wá pè wá. Ó ní ìyàwó bàbá ti dé, àti pé kò dá wá. Òun àti bàbá arúgbó kan tó ń to eegun ni, láti Ejìnrìn. Bàbá arúgbó náà gbé òrí sínú agolo, ó sì há igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń di eegun mọ́ abíyá.

Ìyàwó bàbá ní, "Wọ́n ní ọwọ́ ọkọ mi ti ṣẹ́ sí méjì."

"Ta ló sọ fún yín, mà?" ni ọ̀gá bi í.

"Akọ̀wé yín ni. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé, ló ṣe pè mí. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé."

Ọ̀gá kàn wò mí. Ó wù mí kí ilẹ̀ tó ń yọ̀ yẹn gbé èmi náà lọ.

Ká tó mọ ohun tí a ó sọ, bọ́ọ̀sì wọlé. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó fi báńdéèjì kọ́ ọwọ́ ọ̀tún mọ́rùn, ó fi ti òsì jẹ búrẹ́dì. Ìwé ilé ìwòsàn ní wọ́n ti ya fọ́tò eegun rẹ̀, kò ṣẹ́. Iṣan ló fà, kó sinmi. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọlọ́dẹ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń bú akọ̀wé wa. Bàbá ato-eegun wo ọwọ́ náà látòkè, ó ní òun fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n òun ò lè ti Ejìnrìn wá lásán. Ó bi wá bóyá orúnkún ń dun ẹnì kankan. Àwọn ọlọ́dẹ tò lọ́wọ̀ọ́wọ́.

Mo bi bàbá pé ṣé ó ń sáré ni. Ó pè mí bó ṣe máa ń pe gbogbo àwa obìnrin ibi iṣẹ́, ó ní, "Ìyá mi, láti ọjọ́ tí mo ti gbéyàwó ni mi ò ti sáré mọ́. Mo ń lọ gbé àpò ike tí a fẹ́ rọ sẹ́rọ, ẹsẹ̀ mi kàn yọ̀ ni." Mo padà bi ọmọ orí ẹ̀rọ kejì. Ó họ orí, ó ní iṣẹ́ tòun lòun kọjú sí. Mo tún ìròyìn náà kọ báyìí:

"Mo kẹ́yìn sí ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà; mi ò rí i nígbà tó ṣubú. Mo gbọ́ tó ké 'Yéè, ìyá mi o.' Nígbà tí mo yíjú, ó ti jókòó sílẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Ilẹ̀ tutù, ó ń dán. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà òfìfo kan wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà ní òun ń lọ gbé àpò ike, ẹsẹ̀ òun sì yọ̀. Ní ọ̀sán, a bá òróró níbi kan náà, a sì bá róbà tó sán lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹta. A kò tíì mọ ohun tó wà nílẹ̀ láàárọ̀. Ilé ìwòsàn ní eegun kò ṣẹ́, iṣan ló fà."

Ọ̀gá buwọ́ lù ú. Wọ́n pààrọ̀ róbà náà kí wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ.

Nígbà tí bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun ka ohun tí mo kọ nípa òun. Ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì fi ìka lé orí ìlà kan.

"Ìyá mi, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ibi tí mo ti ké 'Yéè, ìyá mi o' yìí kúrò. Àwọn ọmọ mi lè rí i."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Etí ara mi ni mo fi gbọ́ ọ."