Ojú Tí Moríyọ̀ Ń Wò Kí Ó Tó Béèrè

Ní Ùsì-Èkìtì, bí ènìyàn bá gba ẹ̀yìn ọjà kọjá, tí ó sì rí ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́wà ju ilé náà fúnra rẹ̀ lọ, kí ó mọ̀ pé òun ti dé ilé Joshua Ògúnmọ́lá, káfíńtà. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kò lè gbé ife omi mọ́. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ó mú un ní apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì da ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rú bí ìgbà tí àpótí ìṣó bá dànù. Ìṣó kò sọnù. Ṣùgbọ́n bí ó bá na ọwọ́ sí èyí tí ó fẹ́, òmíràn ni ó ń bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń rí nígbà tí ó bá wọ ìró, tí ó sì ń dáná, kí ó wo Moríyọ̀, aya rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa pariwo bá Joshua sọ̀rọ̀ bí ẹni pé etí ni ó di. Àwọn mìíràn a máa bá a parí ọ̀rọ̀ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Moríyọ̀ pàápàá, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ti gbé ọbẹ̀ wá fún un nígbà tí fìlà ni ó ń béèrè, títí omijé fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ wọ́ lẹ́nu, ni ó la ojú rẹ̀.

"Màmá, ọkọ yín ń gbọ́ yín," ni obìnrin náà wí. "Ọgbọ́n wọn wà níbẹ̀ pátá. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ni ó bàjẹ́. Ẹ má bá wọn sọ ọ́, ẹ sì má fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ wọ́n."

"Báwo ni n ó ṣe wá mọ ìgbà tí ó yẹ kí n dúró àti ìgbà tí ó yẹ kí n béèrè?"

"Ojú wọn ni kí ẹ máa wò. Bí ojú bá wà nílẹ̀, tàbí ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ṣì ń wá ọ̀rọ̀ náà, ẹ dákẹ́. Bí wọ́n bá gbé ojú wá sí ojú yín tí wọn kò mú un kúrò, wọ́n ti gbé ẹrù náà fún yín nìyẹn. Ẹ wá béèrè, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, èyí tí orí lè dáhùn. Kí ẹ sì yí ìbéèrè náà padà, kí ẹ tún un bi wọ́n, torí 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'bẹ́ẹ̀ kọ́' a máa ṣi ara wọn gbé."

Moríyọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni gbé iná. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ nípa àlùfáà àgbà inú Ìwé Mímọ́, ẹni tí ó rí obìnrin kan tí ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn, tí ó sì kà á sí ọ̀mùtí. Àlùfáà náà kò dúró, kò sì béèrè. Ó kàn dájọ́. Láti ọjọ́ tí ó ti Ìdó dé ni Moríyọ̀ ti ń gbàdúrà kí Olúwa má jẹ́ kí òun dájọ́ lórí ohùn tí òun kò gbọ́ yé.

Ọjọ́ tí Mùsílíù ti Ọ̀yẹ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ Dámilọ́lá, ọmọbìnrin Joshua, ni àdúrà náà bá ìdánwò pàdé. Dámilọ́lá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí bàbá òun kò bá gbà fúnra rẹ̀, òun kò ní lọ sí ilé ọkọ kankan. Òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà lórúkọ rẹ̀. Fámúyìwá, àbúrò Joshua, ẹni tí ó jẹ́ díákónì, ni ó gba àlejò. Ó kí wọn, wọ́n kí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ obì. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí àga tí Joshua jókòó lé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn àlejò wa dé. Òdòdó kan ni wọ́n rí nínú ọgbà yín, wọ́n sì fẹ́ já a. Kí ni ẹ wí?"

Joshua la ẹnu. "Bá... bálá... kábá ni..."

"Àmín o!" ni gbogbo ilé dáhùn.

"Kó... bálá... kó..."

"Àmín, Bàbá! Yóò rí bẹ́ẹ̀!"

"Àmín, yà Ọlọ́hun!" ni Sẹ̀kínát, ìyá Mùsílíù, fi tirẹ̀ kún un, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú.

A kò lè dá wọn lẹ́bi. Bí bàbá ìyàwó bá la ẹnu ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ni kò bá tún máa wí bí kò ṣe àdúrà? Ta ni yóò sì ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ ni ojú Joshua ń pọ́n, títí ó fi fi ọwọ́ òsì lu apá àga gbàà. Ilé pa rọ́rọ́.

"Wọ́n kọ̀," ni ẹnì kan sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀rù ba Fámúyìwá, ìbéèrè sì tú jáde lẹ́nu rẹ̀ bí àgbàdo láti inú àpò tó ya. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ kọ̀ ni? Ṣé torí pé mùsùlùmí ni wọ́n? Àbí ọjọ́ tí wọ́n mú ni kò tẹ́ yín lọ́rùn? Àbí ara ni kò le? Ṣé kí á gbé yín wọlé?"

Joshua mi orí bẹ́ẹ̀ ni, ó mi í bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì mi í sí ibi tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Adéwálé, bàbá Mùsílíù, kó agbádá rẹ̀ jọ, ó dìde. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni.

"Díákónì, a kì í fi ipá gba ọmọ. Bí bàbá bá kọ̀, a ti gbọ́."

Dámilọ́lá bo ojú. Nígbà náà ni Moríyọ̀ jáde láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́."

"Ìyàwó wa, ilé yìí ti dákẹ́ ju ibojì lọ!"

"Àwa ni kò tíì dákẹ́, sà."

Ó kúnlẹ̀ sí apá òsì ọkọ rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀. Ojú náà kò sí lára ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni ó ń wò. Ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ náà, ni Moríyọ̀ sọ nínú ọkàn rẹ̀. N ó dúró.

Ìdúró rọrùn nígbà tí ọkọ àti aya bá dá wà. Ó ṣòro nígbà tí àlejò bá ti kó agbádá sí apá. Bí mo bá dúró jù, wọn yóò lọ, ọmọ mi yóò sì jókòó sílé pẹ̀lú omijé. Bí mo bá béèrè nísinsìnyí, èmi ni n ó fi èsì sí i lẹ́nu, ayé yóò sì sọ pé ìyàwó ni ó fi ọmọ fọ́kọ. Fámúyìwá la ẹnu. Moríyọ̀ gbé ọwọ́ sókè, ohun tí kò tíì ṣe sí arákùnrin ọkọ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé náà.

"Ṣé oorun ló gbé bàbá lọ ni?" ni Sẹ̀kínát bi ọkọ rẹ̀ ní ohùn kékeré.

"Pa ẹnu mọ́, ìwọ obìnrin yìí."

Ojú Joshua kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ojú náà rìn káàkiri yàrá, ó dé ojú Moríyọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

"Bàbá Dámilọ́lá," ni Moríyọ̀ wí, "ṣé ẹ kọ̀ kí Mùsílíù fẹ́ ọmọ yín?"

Ó mi orí: rárá.

"Ó tán!" ni Fámúyìwá kígbe. "Ògo ni fún Ọlọ́run! Wọ́n gbà!"

"Kò tíì tán, sà. Bàbá Dámilọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ kí ó fẹ́ ẹ?"

Joshua mi orí bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì le. Adéwálé jókòó padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ṣùgbọ́n ojú ọkọ rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kù?" Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé nǹkan kan ni ẹ fẹ́ gbà?" Rárá.

"Ṣé ènìyàn ni?" Bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ẹni náà wà nínú yàrá yìí?" Rárá.

Ìgbà náà ni ó yé Moríyọ̀ pé nígbà tí ojú Joshua wà ní ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń wá, ó ń wá ẹnì kan pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n Joshua obìnrin wà ní Ìlógbò, Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ẹni tí ó pọn Dámilọ́lá títí ó fi rìn, nígbà tí àìsàn gbé Moríyọ̀ dè lẹ́yìn ìbímọ. Ọ̀ṣúnkẹ́mi kò sí níbẹ̀. Ta ni ó ránṣẹ́ sí i?

"Ṣé Ẹ̀gbọ́n Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni?"

Joshua di ojú, ó sì mi orí bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀, Moríyọ̀ yí ìbéèrè náà padà. "Ṣé kí á máa bá ètò lọ láìsí wọn?"

Rárá. Rárá. Rárá.

Fámúyìwá wo ilẹ̀. "Èmi ni n kò ránṣẹ́ sí wọn," ni ó wí nígbà tó yá. "Ògún bàbá wa ni wọ́n ṣì ń bọ. Mo rò pé ojú yóò tì wá níwájú àlejò."

"Níwájú tiwa?" Sẹ̀kínát ti dìde. "Díákónì, ẹ má fi wá bo ìtìjú yín o! Ẹ̀gbọ́n ẹni ni ẹ̀gbọ́n ẹni. Ọbẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti àárọ̀ lè fara dà á díẹ̀ sí i. Mùsílíù, gbé ọ̀kadà rẹ!"

Ẹ̀rín sọ nínú ilé. Mùsílíù ti dé ìta kí ẹ̀rín náà tó tán.

Ọ̀nà Ìlógbò kò jìnnà, ṣùgbọ́n oko ni ó ti bá Ọ̀ṣúnkẹ́mi. Bí ó ti wà nídìí ẹ̀gẹ́ ni ó ṣe gun ọ̀kadà wá, amọ̀ lẹ́sẹ̀, ìró oko nídìí. Ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn tí àbúrò rẹ̀ gbẹ́.

"Ẹ kú ulé o," ni ó wí. "Uṣẹ́ oko ni mo wà. N kò mọ̀ pé ulé kún báyìí."

"Ẹ... ẹ káàbọ̀," ni Joshua wí.

Ó mọ́ gaara. Ìkíni tí ahọ́n ti ń sọ láti kékeré a máa rí ọ̀nà jáde níbi tí ọ̀rọ̀ tuntun kò ti lè kọjá. Obìnrin Ìdó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Moríyọ̀, síbẹ̀ ó dàbí iṣẹ́ ìyanu létí rẹ̀, ó sì dúpẹ́ nínú ọkàn fún àlàyé náà àti fún ìyanu náà.

Fámúyìwá gbé àga tirẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí i. "Dìde, Díákónì," ni Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí, "aṣọ rẹ funfun." Joshua fi ọwọ́ òsì mú ọwọ́ Dámilọ́lá, ó sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin àgbà náà kò yára. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí Joshua mi orí bẹ́ẹ̀ ni, ó fa ọmọ náà lé Sẹ̀kínát lọ́wọ́.

Moríyọ̀ kò rí èyí tó kẹ́yìn dáadáa. Ó ti padà sí ilé ìdáná, ó ń koná mọ́ ọbẹ̀ tó ti tutù.