Páànù Tí A Kò Rí Tà

"Ìyá, ọjà yín kò yá."

Ibi tí a máa ń to páànù sí ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi ni ọkùnrin náà dúró sí nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo. Bàtà rẹ̀ tó ń dán wà lórí ojú ilẹ̀ gan-an tí ìdì páànù yẹ kó wà, kò sì ronú láti wo ilẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ìyá mi ń ta páànù òrùlé, ìṣó àti sìmẹ́ńtì ní Èjìgbò. Ilé-iṣẹ́ kan tó ní ibi ìkẹ́rùsí ní Òṣogbo ló ń kó ọjà fún un, ọkùnrin yìí ló sì ń pín in fún àwọn tó ń bá wọn tà ní àgbègbè wa. Ìgbà náà, òmìnira kò tíì pẹ́ púpọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ni, mò ń retí ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí kò tíì dé, nítorí náà mo wà nílé, mò ń wọn ìṣó.

Ó mú ìwé jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní ní oṣù Kérésìmesì, ìgbà tí gbogbo ayé ń kọ́lé, ọjà tí àwa tà ni ó kéré jù. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, wọn yóò gé ìpín ìyá mi sí ìdajì, wọn yóò fi ìyókù fún oníṣòwò kan ní ìlú mìíràn.

"Mo ránṣẹ́ sí yín láti ìgbà ìkórè kòkó," ni ìyá mi wí. "Mo ní ẹ kó ọjà wá, àwọn ọmọ wa ń bọ̀ láti Àbíjáàn. Kí lẹ kó wá? Ogún ìdì. Ogún! Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, wọ́n ti rà á tán."

"Ọjà wọ́n nígbà yẹn, Ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́rì padà dé lẹ́yìn ọdún tuntun, ṣé ẹ ò tà? Ẹ tà dáadáa. Ẹni tó fẹ́ rà dúró, ó sì rà. Kí lẹ wá pàdánù?"

Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n n kì í dáhùn kí n tó yẹ ọ̀rọ̀ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì rí i pé apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Èyí ló tún mú inú bí mi sí i, nítorí pé irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ṣòro láti lé lọ.

Òótọ́ ni pé àwọn kan dúró. Àwọn àgbẹ̀ Máṣífà àti Ìsúndúnrin san àsansílẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò máa retí. Ilé wọn kò sá lọ, àwọn náà kò sá lọ. Nígbà tí lọ́rì dé, wọ́n wá gba páànù wọn. Ọjà àwọn wọ̀nyí pẹ́ ni, kò sọnù.

Ṣùgbọ́n àwọn ará Àbíjáàn kò lè dúró. Wọ́n ń bọ̀ wálé ṣáájú Kérésìmesì, ọjọ́ tí wọn yóò padà sì ti wà lọ́kàn wọn kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ẹni tó ti ń fi owó ránṣẹ́ fún ọdún méjì láti mọ ògiri, tó sì wálé láti bò ó, kò ní retí lọ́rì tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí yóò dé. Mo rántí ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kúkúrú kan tó ń fi Faransé pa Yorùbá lára.

"Màmá, ẹ ní ó ń bọ̀ lánàá. Ẹ ní ó ń bọ̀ lónìí. Sẹ finí, ó ti parí! Ẹ dá owó mi padà, mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ọkọ mi, ẹ ṣe sùúrù, ó ti wà lọ́nà."

"Ọ̀nà wo? Ṣé ẹsẹ̀ ni páànù náà ń fi rìn ni?"

Ìyá mi kà á lé e lọ́wọ́. Bí ọkùnrin náà ṣe jáde, ìyá mi ní kí n fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé tí a ń kọ àwọn tó wá béèrè páànù sí. Oṣù Kérésìmesì yẹn, mo fa igi títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí ọkùnrin Òṣogbo yìí wá ń sọ pé a kò pàdánù ohun kan. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò kó ọjà wá. Nítorí pé kò kó wá, a kò tà. Nítorí pé a kò tà, kò ní kó wá mọ́. Ó ń ka ohun tí a tà, ó sì ń pè é ní ohun tí wọ́n fẹ́ rà. Mo bi í bóyá ìwé rẹ̀ sọ ọjọ́ tí páànù wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí kò sí. Ó ní ìwé kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú iye tó dájú nípa ohun tí a pàdánù wá tí òun bá padà dé kí oṣù tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun.

Bí ó ṣe lọ, èmi àti ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ìjà.

"Gbogbo ẹni tó wá béèrè ni kó o kà," ni ó wí. "Ẹni mọ́kànlélógójì. Gbogbo wọn!"

"Mi ò lè kà wọ́n bẹ́ẹ̀, Ìyá. Ẹnìkan náà lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ìwé tí mo fi owó mi rán ẹ lọ kà nìyẹn? Kó o máa bá àwọn olè dín mi kù?"

"Tí mo bá kà ju bó ṣe yẹ lọ, ọkùnrin yẹn á rí irọ́ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò sì ní gba ìyókù gbọ́."

Ó pòṣé, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ bí ilé kíkọ́ ṣe rí nílùú wa. Ẹni tó wà ní Àbíjáàn kì í dá kọ́lé. Àbúrò rẹ̀ tó ń mójú tó iṣẹ́ yóò wá béèrè páànù, káfíńtà yóò wá béèrè, onílé fúnra rẹ̀ yóò tún wá nígbà tó bá dé. Ènìyàn mẹ́ta, òrùlé kan. Níkẹyìn, ìyá mi yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ènìyàn pọ̀ mọ́ ilé: "Èyí àti èyí, ilé kan náà ni. Èyí, ọmọ ìyá rẹ̀ ló rán an." Ẹni mọ́kànlélógójì di ilé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó dùn ún wọ inú eegun.

Iye ilé nìkan kò tó. Mo nílò láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé kọ̀ọ̀kan. Páànù ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, tí ẹ bá sì dúró dáadáa, ẹ ó rí i láti ìsàlẹ̀ kí òjò àti eruku tó pa á rẹ́. Mo mú káfíńtà tó máa ń bá wa ṣiṣẹ́ dání, a gun kẹ̀kẹ́ káàkiri Èjìgbò, a lọ sí Máṣífà, Ìsúndúnrin àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, à ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ẹyẹ.

"Akọ̀wé," ni káfíńtà wí, "ṣé yunifásítì lẹ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka òrùlé olórùlé?"

"Ẹ gbé ojú sókè, ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti gbé e sókè. Ọrùn ń ro mí. Tiyín kọ́ nìyẹn. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni."

Ilé méjìlá ni wọ́n fi páànù tiwa bò lẹ́yìn tí lọ́rì dé. Mo yọ wọ́n kúrò: ọgbọ̀n ìdì, kò sọnù. Ilé mọ́kànlá ni òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn wà lórí wọn. Káfíńtà bá mi ṣírò bí òrùlé kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó, a rí ìdì mẹ́rìndínlógójì. Ìyẹn ti lọ pátápátá. Ẹni tó ti bo ilé kò ní bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé mẹ́fà sì wà tí ògiri wọn dúró láìní òrùlé, tí onílé ti padà sí ìdálẹ̀. Wọn ì bá gba ìdì méjìdínlógún. Bóyá wọn yóò rà á lọ́wọ́ wa lọ́dún tó ń bọ̀, bóyá wọn kò ní rà á. N kò mọ̀, mo sì kọ pé n kò mọ̀. Nítorí náà, ohun tí a pàdánù kò dín ní ìdì mẹ́rìndínlógójì, kò sì ju mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ.

Mo tún gba ọ̀nà mìíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ní irú àkókò kan náà lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí páànù kò wọ́n, àádọ́rùn-ún ìdì ni a tà. Lọ́tẹ̀ yìí, ogún. Àádọ́rin ló dín. Tí mo bá yọ ọgbọ̀n tí àwọn tó dúró padà wá rà, ó ku ogójì. Ọ̀nà méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ọdún kì í jọ ọdún, mo mọ̀, nítorí náà n kò pe ogójì ní ẹ̀rí. Mo pè é ní ẹlẹ́gbẹ́ ìṣirò àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ tí a wá sí ilé tó kẹ́yìn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lóru. Ògiri ilé kan nínú mẹ́fà náà ti wó sínú yàrá. Amọ̀ pupa ń ṣàn dé ojú ọ̀nà. Ìyá onílé, arúgbó kan, jókòó sórí òkúta, kò bú wa, kò kí wa. N kò rí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú ìṣirò mi, inú sì bí mi sí ìṣirò náà pẹ̀lú.

Ọkùnrin Òṣogbo náà padà dé. Mo ṣàlàyé fún un láìgbé ohùn sókè. Ó tẹ́tí, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ni.

"Ṣùgbọ́n ta ló ní kí ẹ ka òrùlé? Rìsíìtì ni ọ̀gá mi mọ̀."

"Ẹni tí kò rí ọjà rà kì í gba rìsíìtì," ni mo wí.

Ìyá mi di apá rẹ̀ mú, ó fà á jáde síta. Ó nàka sí ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wa, ti ọkùnrin kúkúrú ará Àbíjáàn yẹn. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù ti páànù Ògbómọ̀ṣọ́ wà káàkiri òrùlé rẹ̀.

"Ẹ kà á! Ẹ ń pè mí ní ẹni tí ọjà rẹ̀ kò yá. Ẹ ka ìyẹn!"

Ó kà á. Ó ní òun yóò gbìyànjú.

Ìwé dé láti Òṣogbo kí iṣu tuntun tó jáde. Wọn kò gé ìpín ìyá mi sí ìdajì mọ́. Wọ́n ní nítorí ìfẹ́, àwọn yóò fún un ní iye tó tà ní oṣù Kérésìmesì tó kọjá. Ogún ìdì.

Mo ka ìwé náà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n dákẹ́. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, ó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó lọ bá àwọn tó ni òǹtẹ̀ búlúù. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ka òrùlé tiwọn ní Èjìgbò, kí wọ́n wo ẹni tó yẹ kó tà á. Wọ́n wá, wọ́n sì kà á.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, páànù kún ṣọ́ọ̀bù wa dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́rì Òṣogbo náà dé pẹ̀lú ogún ìdì rẹ̀, ọkùnrin náà sì jókòó síwájú. Ó wo òǹtẹ̀ búlúù tó wà níbi gbogbo.

"Ìyá, ẹ ti fi wá sílẹ̀."

"Ẹ máa gbé e lọ, ọ̀gá," ni ìyá mi wí. Ó ń wọn ìṣó fún ẹnìkan, kò gbé ojú sókè. "Kò sí àyè."

Inú ìyá mi dùn lọ́jọ́ náà. Tèmi kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo kà ni ẹni tó wá béèrè. Àwọn tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn pé páànù kò sí ní Èjìgbò, tí wọ́n gba ẹ̀yìn ìlú kọjá láìyà sọ́dọ̀ wa, n kò ní ọ̀nà kankan láti mọ iye wọn. Ilé arúgbó yẹn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn sì wà bẹ́ẹ̀, koríko ti hù lórí amọ̀ náà.