Bí Àǹtí Mi Ṣe Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Màámi

Mi ò ní purọ́, ní gbogbo àdúgbò wa ní Òmù-Àrán, kò sí ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó mi. Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì, àmọ́ ẹ gbé mi síwájú tíṣà, màá sọ̀rọ̀ títí yóò fi làágùn. Kí èèyàn tó lanu ni mo ti ń mọ ibi tó ń lọ. Màá bá a parí ẹ̀, ká lè tètè máa bá tiwa lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ní, "Ìwọ yìí, Ọlọ́run kàn fi etí ṣe ẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ni." Ẹ̀rín ni mo máa ń fi wọ́n rín.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi kú.

Ìlú Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí nǹkan le, ilé iṣẹ́ wọn lé wọn dànù, ó wá padà sílé, ó ń bá wa kọ ebè. Bó ṣe di pé ìròyìn dé pé wọ́n tún ń pe àwọn kan padà nìyẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, òkùnkùn ò tíì ká nílẹ̀ tí Màámi fi jí i pé kó lọ bá mọ́tò àkọ́kọ́. Mọ́tò yẹn ò jìnnà sílé tó fi takìtì.

Àwa àbúrò àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ la sin ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn, òbí kì í rí òkú ọmọ, kì í sì í dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Bàbá wa ti kú tipẹ́, Màámi nìkan la wá ní ká fi nǹkan pa mọ́ fún. Wọ́n mú un sínú iyàrá, ó jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kò jẹun mọ́. Omi nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ wa, ìyẹn náà, kò ju kó fi kan ètè lọ. Ara ẹ̀ ń fọn lójú wa. Ẹ̀rù bà mí pé a máa tún sin ẹlòmíì.

Àwọn èèyàn ò ṣe méní ṣe méjì, wọ́n ń wá kí wa. Ìyàwó pásítọ̀ wá, àwọn ará Òkè-Onígbìn wá. Orí àga ni wọ́n máa ń jókòó sí. Màámi á ní, "Èmi ni mo jí i..." Wọ́n á ti ní, "Háà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣẹjọ́ yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́." Wọ́n á mi orí, mi orí, bí alángbá. Ẹnì kan á wá sọ ti ọmọ tiẹ̀ tó kú lọ́dún kan. Màámi á pa ẹnu dé.

Èmi náà gbìyànjú, torí mo rò pé ẹnu mi lè wo ohunkóhun sàn. Mo tan rédíò fún un. Mo ní, "Màámi, ẹ gbọ́, ẹ ní èmi. Mo máa kọ́lé fún yín, mo máa ra mọ́tò." Ó wò mí bí ẹni ń wo ojú ọ̀nà.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí mi, àbúrò Màámi, dé láti Ìjàrà-Ìsin. Nọ́ọ̀sì ni, ọ̀dọ̀ àwọn aláìsàn tí ara wọn ò ní yá mọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọ. Mo rò pé á gún un lábẹ́rẹ́. Kò mú àpò oògùn dání rárá. Ó pa rédíò mi, ó ti àga sẹ́yìn, ó jókòó sórí ẹní, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan Màámi, kò kọjú sí i bí agbẹjọ́rò. Lẹ́yìn náà, kò ṣe nǹkan kan. Ó pẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ń yún mi.

Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo ni àárọ̀ ọjọ́ yẹn ṣe rí?"

Màámi ní, "Èmi ni mo jí i."

Ẹnu mi ti ń ṣí láti sọ pé kì í ṣẹjọ́ ẹ̀. Àǹtí fi ìka tẹ orúnkún mi. Ó ní, "Ẹ jí i," bí ẹni tó ń gba ohun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Màámi ní, "Ó ní, 'Màámi, ẹ jẹ́ n sùn sí i díẹ̀.' Mo ní mọ́tò ò ní dúró. Mo fa aṣọ lára ẹ̀."

"Ó fẹ́ sùn díẹ̀ sí i, ẹ sì fa aṣọ lára ẹ̀." Àǹtí tún ní, "Àfi bíi pé inú ń bí yín sí ara yín."

"Rárá o. Kì í ṣe inú bíbí." Màámi gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. "Ojú ló ń tì mí. Ojú ọmọ mi ló ń tì mí. Mo fẹ́ sọ fún un, mi ò sì mọ ibi tí mo máa kọjú sí."

Àǹtí ní, "Ẹ ò mọ ibi tó wà."

"Mi ò mọ ibi tí wọ́n gbé e sí."

Ẹkún tó sun níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àǹtí ò ní kó má sunkún. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó bóyá mo gbọ́ yín. Ẹ jí i, ẹ fẹ́ kó tètè dé ibi iṣẹ́, ojú ẹ̀ wá ń tì yín. Ẹ ò bèèrè pé kẹ́ ẹ dé ibẹ̀. Ẹ kàn fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí mo fi nǹkan kan sílẹ̀?"

Màámi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti tán."

Ní ẹ̀yìnkùlé mo ní, "Àǹtí, ṣebí ohun tó sọ lẹ tún ń sọ. Ayékòótọ́ náà lè ṣe é."

Ó ní, "Ayékòótọ́ kì í dúró kí wọ́n sọ fún un pé ó ṣì í. O ò rí i pé inú bíbí tí mo pè é, ó ní ìtìjú ni? Bí mo bá ti ní mo mọ̀ ọ́n, ì bá má sọ ọ́." Ó gbá mi lórí pẹ́ẹ́. "Ìwọ ń bá ìyá ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Ìwọ lo wà níbi tí wọ́n ti sin ín. Ẹnu tí o fi ń fọ́nnu yìí, lọ fi dá a lóhùn. Àmọ́ fi etí ṣíwájú."

Mo wọlé. Mo jókòó sórí ẹní. Màámi ò wò mí.

Ó ní, "Ṣé oòrùn ń pa á níbẹ̀?"

Kíá ni mo fẹ́ ní rárá. Mo gé ètè mi jẹ. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà yín pé oòrùn ń pa á."

"Kò fẹ́ràn oòrùn láti kékeré. Ó máa ń fa ẹní ẹ̀ tẹ̀ lé òjìji."

Mo dákẹ́. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe dákẹ́. Nígbà tí kò sọ mìíràn mọ́, mo ní, "Igi máńgòrò kan wà níbẹ̀, Màámi. Òjìji ẹ̀ máa ń bò ó lọ́sàn-án. Àárọ̀ nìkan ni oòrùn ń dé ibẹ̀."

"Àárọ̀ nìkan."

"Àárọ̀ nìkan."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n bá òun po ògì. Ó mu ún dé ìdajì, ó gbé ìyókù fún mi.

Àǹtí ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Màámi ń jẹun báyìí, ó ń lọ sóko. Àmọ́ bí oòrùn àárọ̀ bá ti ń yọ, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn sí i díẹ̀." Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn lórí. Màá jókòó tì í, mi ò ní bá a parí ẹ̀, títí oòrùn á fi kúrò níbi tí ẹ̀gbọ́n mi wà.