Ohùn Ìyá Olúsànmí, Lápá Ọ̀tún

Ìyádùnní kọ ìwé eré náà bí ẹni ń kọ ìtàn. Ó kọ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lórí odò, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń kó èrò, bí ìyá kan ṣe jókòó létí omi tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí omi gbé lọ. Ìyá tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúsànmí, ni ọmọ náà. Kò sí láífùjákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń múni léfòó, lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dojú dé.

Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kan ní Wàrí ló gbé iṣẹ́ náà wá: fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí èrò á máa wò ní èbúté kí wọ́n tó wọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Mutmainah ní Effurun ló gbà á. Ìyádùnní ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ ni. Eré orí ìtàgé ló kọ́ ní yunifásítì.

Victor, tó ń ya fíìmù, ṣí ìwé náà síwá, ó ṣí i sẹ́yìn.

“Madam, e sweet,” ó ní. “But wetin my camera go see?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Where? Na only sorrow I dey see.”

Fẹ́mi, tó ń gba ohùn sílẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. “Èmi náà ń wá èyí tí màá gbà. Ó dà bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.”

Mutmainah kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ìlà sí àárín ìwé òfìfo kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Dúnní, tó bá jẹ́ eré tí òṣèré máa kọ́ sórí ni, bí o ṣe kọ ọ́ yẹn dáa. Eléyìí yàtọ̀. Apá òsì, ohun tí ojú máa rí. Apá ọ̀tún, ohun tí etí máa gbọ́: ọ̀rọ̀, orin, ariwo ẹ́ńjìnì. Àwọn tó bá jọ ń ṣẹlẹ̀, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Victor á ka òsì, Fẹ́mi á ka ọ̀tún. Ẹni tó bá máa tò ó pọ̀ á mọ àwòrán tó bá ọ̀rọ̀ wo lọ. Bí mo bá sì ka ọ̀tún sókè, màá mọ̀ bóyá a ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta.”

Ìyádùnní kó ìwé rẹ̀. Lójú tirẹ̀, wọ́n fẹ́ la ìtàn náà sí méjì bí ẹja tí wọ́n fẹ́ yan.

Nílé, ní Enerhen, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa lọ sí èbúté.

“Èbúté wo?”

“Ibi tó ti ṣẹlẹ̀, Màámi.”

Ìyá gbé ọ̀bẹ tó fi ń bẹ iṣu sílẹ̀. “Mo ní mo máa sọ̀rọ̀. Mi ò ní mo máa débẹ̀. Ṣé òbí ń wo ibojì ọmọ ni? Wọn ò rí i gbé jáde, Dúnní. Omi yẹn ni ibojì ẹ̀.”

“Ṣé kí wọ́n wá yà yín nílé níbí?”

“Kí èrò máa wo ojú mi bí mo ṣe ń sunkún, kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì lọ? Rárá o.”

Ìyádùnní mú ọ̀bẹ náà, ó ń bẹ iṣu lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí ìyá òun bá jáde nínú rẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ló kù, irú èyí tí èrò kì í gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ lápá méjì. Ó rí i pé olùsọ̀tàn ń ṣàpèjúwe omi tí Victor máa fi hàn. Ó pa á rẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ sí òsì: Ìyá jókòó létí omi. Ọ̀rọ̀ ìyá wà ní ọ̀tún.

Ó wò ó títí. Ó fa ìlà gba orí ti òsì kọjá.

Ọ̀tún kò mì. Nínú ìtàn tó kọ́kọ́ kọ, gbólóhùn kan náà ló gbé ìyá àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì á bá a lọ. Níbí, òfìfo nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀. Ó kọ sínú rẹ̀: Omi. Èrò ń wọkọ̀. Láífùjákẹ́ẹ̀tì kan lórí ìjókòó, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Mutmainah ka apá ọ̀tún sókè, ó ń wo aago fóònù. “Kò kọjá. Ta ló ń sọ̀rọ̀ níbí?”

“Ìyá mi. Ohùn wọn nìkan.”

“Ṣé wọ́n ti gbà?”

“Mi ò tíì bi wọ́n.”

Nígbà tí Ìyádùnní sọ ọ́ fún un nílé, ìyá bi í ní ìbéèrè kan péré: ṣé kò sí kámẹ́rà lóòótọ́? Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n máa bọ̀.

Fẹ́mi fi ìrọ̀rí dí fèrèsé nítorí ariwo kẹ̀kẹ́ márúwá. Ìyá wo àpò Fẹ́mi, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Èmi nìkan ni, Mà,” Fẹ́mi wí.

Ìyá sọ ọ́ ní èdè Ìlàjẹ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní Olúsànmí sọ pé ooru ń mú òun, ó bọ́ láífùjákẹ́ẹ̀tì náà, ó fi í ṣe tìmùtìmù, ó jókòó lé e. Kò sunkún. Nígbà tó parí, Fẹ́mi kò tètè pa ẹ̀rọ.

“Kí ni wọ́n máa wò,” ìyá bèèrè, “bí mo bá ń sọ̀rọ̀?”

“Omi, Màámi.”

Ìyá yọ ìrọ̀rí kúrò lójú fèrèsé.

“Kí wọ́n wò ó dáadáa,” ó ní.