Ẹni Kẹta Méjì

Nígbà ìjọba òyìnbó, ní girama wa l'Ọ́fà, bàbá mi ti sọ fún mi pé: "Bí o bá kọjá ipò kẹta, ilé-ìwé parí, oko yá." Nígbà tí èsì dé, ipò kẹrin ni tíṣà kọ sí tèmi. Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé tó gba ipò kẹta wo ìwé mi, ó nawọ́ sókè.

"Sà, máàkì wa dọ́gba!"

Tíṣà tún un ṣírò. Iṣẹ́ mẹ́fà, àpapọ̀ 432, ìpíndọ́gba 72, fún àwa méjèèjì.

"Orúkọ rẹ̀ ló ṣáájú nínú rẹ́jísítà, àṣìṣe mi ni," ni tíṣà wí. Ó sọ èmi náà di ẹni kẹta.

Ẹni tó tẹ̀ lé wa ní, "Sà, ipò kẹrin ti ṣófo! Ẹ fún mi!"

"Ẹni mẹ́rin ló ṣáájú rẹ. Ẹni karùn-ún, jókòó!"

Bàbá mi ka ìwé náà nírọ̀lẹ́. "Lọ fọ aṣọ ilé-ìwé rẹ," ló wí.