Ọjọ́ Mẹ́jọ Tí Owó Máṣíìnì Mi Fi Wà Lọ́nà

Èmi kì í tètè gbà fúnni, gbogbo ilé wa ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi a máa sọ pé bí wọ́n bá gbé mi sí ibodè, kò sí ẹni tó máa kọjá láì fi ìwé hàn. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìwà yẹn náà ló gba owó mi sílẹ̀ lọ́dún tí mo ń wí yìí.

Iléèwé kan ní ìlú Ntoum ló fún mi ní yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀ rán. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ ní Venez-Voir, àdúgbò wa ní Libreville, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kàn mí rí. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ní, kò sì lè ká iṣẹ́ náà kí àwọn ọmọ tó wọlé ní Sẹ́tẹ́ńbà. Mo ní owó tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún méjì. Mo pinnu láti fi ra máṣíìnì ńlá tó ń fi iná ṣiṣẹ́, lórí ìkànnì kan tí àwọn ará Ṣáínà ti ń tajà.

Èmi ò ní káàdì báńkì. Láàárín àwa tí a wà ní Libreville, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan báyìí á lọ bá ẹni tó ní káàdì tí wọ́n ń kówó sí. Á ka owó lé e lọ́wọ́, onítọ̀hún á kó o sínú káàdì, wọ́n á sì fi sanwó ọjà. Tí owó inú rẹ̀ bá ti tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dá káàdì náà padà fún báńkì, torí oṣooṣù ni báńkì ń gba owó lórí rẹ̀. Alhaji ni mo lọ bá, ará ìlú wa kan tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní àdúgbò PK12. A sanwó láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, inú mi sì dùn dé eyín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, oníná wá ṣe ibi tí màá ti ki waya máṣíìnì náà bọ iná. Ó ní kí n fi àwòrán máṣíìnì náà han òun. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní iná triphasé ni mọ́tò rẹ̀ ń lò, iná onílà mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ìlà kan ṣoṣo ló wọ ilé wa. Oríṣi mọ́tò méjì ló wà lórí ìkànnì yẹn lóòótọ́. Èmi ni mo yan èyí tó dínwó, mi ò ka ìyókù. Mo bú ara mi dáadáa, oníná sì ń kó waya rẹ̀.

Nígbà tí mo bú ara mi tán, mo ṣí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé mo ti sanwó, pé olùtajà kò tíì fi ẹrù ránṣẹ́. Ìyẹn ló yọ mí. Bí ẹrù bá ti gbéra, èèyàn kò lè fagi lé e mọ́, àfi kó dúró kó dé, kó tó máa bá wọn fa dídá a padà. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí n fagi lé ọjà, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Olùtajà ní láti gbà kó tó parí. Kò pẹ́ tó fi kọ̀wé sí mi, ó ní kí n jọ̀ọ́ yí ọkàn padà, òun máa fi nǹkan kan kún un tó máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Mo ní rárá. Ó tún bẹ̀ mí, mo tún ní rárá. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, ó gbà.

Ìkànnì náà wá kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní owó mi máa padà sínú káàdì tí a fi sanwó. Wọ́n ní àwọn kì í pẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba báńkì tó ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó hàn nínú káàdì. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo máa ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí.

Télọ̀ ará Bẹ̀nẹ̀ kan ń ta irú máṣíìnì yẹn, onílà kan, ní ọjà Mont-Bouët. Ó ń padà sílé, iye tí mo san fún ti Ṣáínà ló sì ń bù lé e. Ó ní òun á bá mi tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí owó bá dé kó tó lọ, mo ní iṣẹ́. Bí kò bá dé, iṣẹ́ Ntoum á bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Tọ́sìdeè, ọ̀kan. Fúráìdeè, méjì. Sátidé àti Sọ́ńdè kò sí nínú rẹ̀, Mọ́ńdè sì jẹ́ ìsinmi ìjọba. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alhaji pè mí. Ó ní kí n fi ọkàn balẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má retí nǹkan kan mọ́, torí ó ti pé ọjọ́ méje tí wọ́n ti ní owó ń bọ̀. Ó ní òun ń lọ dá káàdì náà padà ní báńkì kí wọ́n tó tún gba owó oṣù tuntun lórí rẹ̀.

Mi ò mọ ìgbà tí mo já síta. Mo nawọ́ sí takisí, mo ní PK12 ni mò ń lọ, mo sì pe iye owó tó jẹ́ kí awakọ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo dé, Alhaji ti ń ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí àgbà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ni mo kúnlẹ̀ sí.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà tí owó yẹn gbà lọ ló ń gbà bọ̀. Bí ẹ bá ti káàdì yẹn pa, ibo lẹ fẹ́ kó wọ̀?”

Ó ní ọjọ́ méje ti kọjá. Mo ní ọjọ́ kẹta lòní ní ti báńkì, mo sì kà á fún un lórí ìka mi. Ó ní owó oṣù káàdì ńkọ́? Mo kó o sílẹ̀ fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó wò mí, ó wo owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n kó owó mi, ó sì ti káàdì bọ àpò. Mo kó owó mi, mo sì dìde.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹjọ nínú ìṣirò mi, Alhaji fúnra rẹ̀ yọ sí ilé wa. Kì í wá sí Venez-Voir, ó ní ojú ọ̀nà wa ń ba bàtà òun jẹ́. Ó na fóònù sí mi. Báńkì ti kọ̀wé: owó ti dé. Ó fi díẹ̀ dín torí pé dọ́là ti yí padà, ṣùgbọ́n ó dé. Mo kígbe, mo jó yí tábìlì ká, ojú ò tì mí. Ọjọ́ méjì ló kù kí télọ̀ yẹn wọkọ̀. Alhaji bá mi yọ ọ́ ní báńkì, mo fi owó díẹ̀ kún un, mo sì gbé máṣíìnì náà wálé lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà.

Gbogbo yunifọ́ọ̀mù Ntoum pé. Lọ́jọ́ ìwọlé, mo lọ dúró sí ẹnu géètì wọn, mo ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń wọlé nínú iṣẹ́ ọwọ́ mi, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn.

Lẹ́yìn oṣù kan, Alhaji tún wá. Òun náà ti ra ìkòkò tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá ohun tó fẹ́ mu lórí ìkànnì yẹn, ó sì ti fagi lé e kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ó rọra jókòó, ó ní, “Ìyàwó wa, ọjọ́ wo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á?”

Mo kọ́kọ́ bi í pé káàdì yẹn ńkọ́.

Ó ti ọwọ́ bọ àpò agbádá rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde nínú ọ̀rá tó fi wé e, ó ní, “Òun rèé. Ta ló jẹ́ dá a padà?”